Bí a ṣe tún ìpè sí àyẹ̀wò iṣẹ́ kọ, kí àyà òṣìṣẹ́ má baà já

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló dá wàhálà sílẹ̀: “Ẹ wá rí mi ní ọ́fíìsì ní Mọ́ńdè, aago 10.” Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè ló wọlé. Kò sọ ohun tí ìpàdé dá lé, kò sì sí ẹni tí òṣìṣẹ́ lè bi títí òpin ọ̀sẹ̀. Kí ló máa rò, bí kò ṣe pé iṣẹ́ ti bọ́?

Èyí tó rọ́pò rẹ̀ nìyí. Àárọ̀ Túsìdè ni kí ẹ fi ránṣẹ́, fún Tọ́sìdè ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e:

“Ẹ káàárọ̀ mà. Àkókò àyẹ̀wò iṣẹ́ olóṣù mẹ́fà ti gbogbo ẹ̀ka wa ti tó. Mo fi tiyín sí Tọ́sìdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago 10, fún ìṣẹ́jú 45. Èmi àti ẹ̀yin nìkan ni. A ó wo iṣẹ́ Jánúárì sí Júùnù, àti ohun tí ẹ nílò lọ́dọ̀ mi. Bí àkókò náà kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ mú òmíràn.”

“Èmi àti ẹ̀yin nìkan” ló ń ṣiṣẹ́ jù níbẹ̀, torí ẹni tó bá ń ronú pé ọ̀gá míì máa wà níjókòó ti ń retí lẹ́tà ìdádúró nìyẹn. Ẹ má kọ “ẹ má bẹ̀rù” sí i o. Òun gan-an ló ń dẹ́rù bani. Ẹ wo àkọlé orí kàlẹ́ńdà náà: “Ìpàdé pàtàkì” á ba gbogbo àlàyé yìí jẹ́, “Àyẹ̀wò iṣẹ́ olóṣù mẹ́fà” ti tó.

Bí ẹ̀sùn bá wà nílẹ̀ lóòótọ́, ẹ pe ìpàdé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ẹ bá fi pamọ́ sábẹ́ èyí, kò sẹ́ni tó máa gba irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí gbọ́ nígbà míì.