Bí Gbòǹgbò Ẹ̀fọ́ Bá Ń Ta Kókó

Tí ṣọkọ yín kò bá dàgbà, tí ewé rẹ̀ ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó ń rọ lọ́sàn-án bẹ́ẹ̀ omi wà nílẹ̀, tó sì tún ń gbéra nírọ̀lẹ́, ẹ má tíì sáré ra ajílẹ̀. Ẹ mú ọkọ́ kékeré, kí ẹ wa ìdí rẹ̀. Ẹ má fà á tu o, nítorí pé gbòǹgbò wẹ́wẹ́ ló máa já sílẹ̀, àwọn yẹn gan-an la sì fẹ́ rí. Ẹ ṣàn án nínú báàkẹ́ẹ̀tì omi, kí ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Tí gbòǹgbò bá wú gúlegùle, tí kókó kan wọ inú èkejì, aràn inú ilẹ̀ tó ń wọ gbòǹgbò ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀wà àti ẹ̀pà máa ń tan èèyàn jẹ níbí, torí pé àwọn náà ní kókó tiwọn tó ń ṣe wọ́n láǹfààní. Ti ẹ̀wà lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò ni. Tí ẹ bá fi ìka tì í, á já, inú rẹ̀ á sì pọ́n díẹ̀. Kókó ti aràn kò ṣeé tì kúrò, gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ló wú.

Ojú lásán kò lè rí aràn yìí nígbà tó bá ń wọlé. Látorí ṣóńṣó gbòǹgbò ló ń gbà wọlé, abo á sì jókòó sójú kan, á máa fa oúnjẹ tó yẹ kó lọ sí ewé. Abo kan lè yé ẹyin ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Nínú ilẹ̀ tó móoru bíi ti ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ti tó kí ẹyin di ìyá tó ń yé ẹyin. Kò sí otútù tó máa dá wọn dúró láàárín ọdún. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń gbin ṣọkọ, ewédú, ilá àti tòmátì tẹ̀ lé ara wọn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà fi ń rí i pé èso ń dín kù lọ́dọọdún. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni aràn yìí fẹ́ràn. Ata àti ìgbá náà kò gbẹ́yìn.

Èyí ló fi jẹ́ pé pípààrọ̀ ohun ọ̀gbìn kò já mọ́ nǹkan tí ẹ bá kàn kúrò lórí ṣọkọ bọ́ sórí ilá. Ohun tí aràn kò lè bí sí lẹ ń wá. Ẹ̀pà dára púpọ̀: àwọn ọmọ aràn tó wọ́pọ̀ lóko ẹ̀fọ́ wa á wọ gbòǹgbò rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í dàgbà níbẹ̀. Irúfẹ́ kan wà ṣá tó ń jẹ ẹ̀pà, nítorí náà nígbà tí ẹ bá ń wú u, ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó ní àyè tún máa ń fi irú wèrèpè tí kì í yún ni bo ilẹ̀. Àgbàdo ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ọ̀pọ̀ gbà pé ó ń sinmi ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ aràn lè máa bí sí lára rẹ̀ láìfi kókó gidi hàn. Tẹ̀tẹ̀ kì í tètè kú fún un bíi ṣọkọ, ṣùgbọ́n èmi kò ní pè é ní oògùn.

Ẹ̀pà oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kò wúlò tí koríko bá ń hù láàárín rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn koríko wọ̀nyẹn ló ń bọ́ aràn. Ẹ ro oko náà dáadáa, kí ẹ sì hú ṣọkọ tó bá tún hù fúnra rẹ̀. Níbi tí kókó ti pọ̀ gan-an, àsìkò méjì ló máa gbà kí ẹ tó dá ṣọkọ padà.

Ní ti tòmátì, irúgbìn tó lè ko aràn yìí lójú wà. Ẹ wo ara agolo tàbí ọ̀rá irúgbìn: lẹ́tà N, bíi nínú VFN, ló dúró fún aràn. Roma VF tí a ń rà káàkiri kò ní N yẹn. V àti F rẹ̀, àrùn olú inú ilẹ̀ méjì ni wọ́n ń tọ́ka sí, kò kan aràn. Ṣùgbọ́n agbára N máa ń yẹ̀ tí ooru ilẹ̀ bá ju bí 28°C lọ, ilẹ̀ gbalasa nínú ẹ̀ẹ̀rùn wa sì ń kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, ẹ gbin ín sínú òjò, kí ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀ nípọn bí ìka mẹ́rin, kí oòrùn má bàa gún ilẹ̀. Tí kókó bá ṣì jáde lára rẹ̀, irú aràn tó ti borí rẹ̀ lè wà nínú oko yín. Ẹ má tún gbin ín síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ooru tó ń ba tòmátì N jẹ́ yìí la tún lè fi pa aràn. Láàárín oṣù kejì sí ìkẹta, kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ tú bẹ́ẹ̀dì, ẹ fọ́ ògúlùtu, kí ẹ kó gbòǹgbò àtijọ́ kúrò. Ẹ bomi rin ín títí omi á fi wọ ilẹ̀ tó bí ìgbọ̀nwọ́ kan, torí pé ilẹ̀ tútù ló ń gbé ooru lọ sísàlẹ̀. Ẹ ta ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń fi inú hàn lé e, kó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Dúdú kì í móoru tó bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ gbẹ́ kòtò yí bẹ́ẹ̀dì ká, kí ẹ ri etí ọ̀rá mọ́ inú rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Kí ẹ máa nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú rẹ̀, kí ẹ sì lẹ ibi tó bá ya lọ́jọ́ náà gan-an. Tí ẹ kò bá rí ìrì omi lábẹ́ ọ̀rá láàárọ̀, afẹ́fẹ́ ń wọlé tàbí ilẹ̀ ti gbẹ.

Òkè ilẹ̀ ló móoru jù, àwọn tó wà nísàlẹ̀ kì í kú tán. Lẹ́yìn tí ẹ bá ṣí ọ̀rá, ẹ má tún wa ilẹ̀ jìn, ẹ fi ọkọ́ ha ojú rẹ̀ lásán kí ẹ sì gbìn. Ẹni tí kò rówó ra ọ̀rá lè yí ilẹ̀ gbígbẹ padà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí oòrùn àti ìyàngbẹ máa pa wọ́n. Ó ń dín wọn kù, kò tó ti ọ̀rá.

Ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi gbin irúgbìn nọ́sìrì kò ju àgbá kan lọ, ẹ sè é. Ẹ da omi sísàlẹ̀ àgbá, ẹ fi páànù oníhò sórí òkúta lókè omi, kí ẹ da ilẹ̀ tútù lé e, kí ẹ fi àpò bò ó. Ẹ ri ọ̀dùnkún kékeré tó tó ẹyin adìẹ sáàárín ilẹ̀ náà. Bó bá ti jinná, ẹ pa iná. Tí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́ jù, ilẹ̀ náà lè ba ọmọ irúgbìn jẹ́. Ẹ dúró ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gbìn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìdílé tó ní bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta. Èyí tí kókó pọ̀ jù ni kí wọ́n fi ọ̀rá bò ní oṣù kejì, kí wọ́n sì gbin tòmátì N sí i lẹ́yìn tí òjò bá ti dé dáadáa. Èkejì, ẹ̀pà ni láti oṣù kẹrin. Ẹ̀kẹta tí kókó kò pọ̀ ni kó gbé ṣọkọ ọdún náà. Ọkọ́ tí wọ́n lò níbi kókó ni kí wọ́n ṣàn kí wọ́n tó lọ sórí ti ẹ̀kẹta, torí pé ẹrẹ̀ ara rẹ̀ ń gbé ẹyin kiri. Nígbà tí wọ́n bá ká ṣọkọ tán, kí wọ́n hú ìdí márùn-ún ní oríṣiríṣi ibi, kí wọ́n ṣàn wọ́n. Tí mẹ́ta bá ta kókó, bẹ́ẹ̀dì yẹn ló kàn fún ẹ̀pà, kí wọ́n sì sun gbòǹgbò tí wọ́n hú. Orí ààtàn kọ́ ni kí wọ́n dà á sí.