Bí Mo Ṣe Ṣírò Fáàtì Ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n Mi: Ṣé A Máa San Owó Ni, àbí A Máa Gbà Á Padà?

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ìṣirò fáàtì, ìyẹn owó orí tí ó wà lórí ọjà, fún ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ohun tí mo bá níbẹ̀ ni pé iléeṣẹ́ owó orí ló jẹ wá ní 2,500. Nígbà tí mo tún un ṣe, tí mo sì yẹ ìwé kọ̀ọ̀kan wò, àwa gan-an la jẹ wọ́n ní 10,000. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni, oṣù mẹ́ta kan náà sì ni.

Oníṣòwò tí ó bá ti forúkọ sílẹ̀ máa ń gba fáàtì lọ́wọ́ oníbàárà lórí ọjà tí ó tà, owó náà kì í sì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ti san fáàtì fún ẹni tí ó ta ọjà fún un. Nítorí náà, yóò yọ fáàtì ọjà rírà kúrò nínú fáàtì ọjà títà, èyí tí ó bá ṣẹ́kù ni yóò san. Bí ti rírà bá ju ti títà lọ, òun ni wọ́n jẹ ní ìyàtọ̀ náà. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni iye fáàtì tiwa. Ẹni tí iye tirẹ̀ bá yàtọ̀ lè fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ọ̀nà ìṣirò náà kò yí padà.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ọjà títà. Ẹ̀rọ ìgbowó sọ pé 660,000 ni gbogbo owó tí ó wọlé láàárín oṣù mẹ́ta náà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í, nítorí pé wọn yóò mú ìdá mẹ́wàá nínú owó náà, wọn yóò sì kọ 66,000 sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti san ju iye tí ó yẹ lọ, torí pé fáàtì ti wà nínú iye tí a lẹ̀ mọ́ ọjà. Bí ọjà fúnra rẹ̀ bá jẹ́ 100, oníbàárà san 110. Nínú gbogbo 110 tí ó bá wọlé, 10 péré ni fáàtì:

```
660,000 × 10 ÷ 110 = 60,000
```

Mo rò pé mo ti parí apá yìí, àṣé ó ku díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìwé kékeré kan nínú dúrọ́ọ̀ tí ó ń kọ àwọn ọjà tí oníbàárà dá padà sí, ẹ̀rọ ìgbowó kò sì mọ̀ nípa wọn. Owó tí ó dá padà fún wọn jẹ́ 11,000, fáàtì tí ó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ 1,000. Níwọ̀n ìgbà tí owó ti padà sọ́wọ́ oníbàárà, a kò gbọdọ̀ san fáàtì lórí rẹ̀. Bí fáàtì ọjà títà ṣe di 59,000 nìyẹn.

Apá ti ọjà rírà ló gba àkókò jù. Nígbà àkọ́kọ́, ṣe ni mo kàn kó gbogbo ìwé tí ó wà nínú àpò jọ, tí mo sì ro fáàtì wọn pọ̀: ọjà tí a rà láti tà 38,000, fíríìjì tuntun kan 12,000, ọjà tí a rà lọ́wọ́ aláròóbọ̀ kan 8,000, ìwé kan tí ó dé kẹ́yìn 3,500, àti owó fóònù 1,000. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 62,500, mo sì yọ 60,000 kúrò nínú rẹ̀, torí pé n kò tíì rí ìwé inú dúrọ́ọ̀ nígbà náà. Ibẹ̀ ni 2,500 tí mo rò pé a máa gbà padà ti wá.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo tẹ́ àwọn ìwé náà sórí tábìlì. Lára ìwé tí ó bá yẹ, èèyàn gbọ́dọ̀ rí orúkọ ẹni tí ó tajà àti nọ́ńbà tí ó fi forúkọ sílẹ̀ fún owó orí, déètì, ohun tí wọ́n tà, àti fáàtì lọ́tọ̀. Èyí tí ó wá láti ọ̀dọ̀ aláròóbọ̀ náà jẹ́ bébà tí wọ́n ya nínú ìwé àjákọ, tí wọ́n fi bírò kọ “àpapọ̀ 88,000” sí. Kò sí nọ́ńbà, kò sì sí fáàtì níbẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi yọ 8,000 láti inú rẹ̀ bí ẹni pé ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ṣebí a san gbogbo owó náà fún un?”

Mo ní, “Ẹ san án lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n kò gba fáàtì lọ́wọ́ yín. Ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á, kò sì san nǹkan kan fún ìjọba tí a lè ní kí wọ́n dá padà fún wa.”

Dídùn kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó gbà. A fa ìlà pa 8,000. Ìwé 3,500 péye ní gbogbo ọ̀nà, àfi pé déètì rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí sáà ti parí. Déètì ìwé ni a fi ń ṣírò tiwa, kì í ṣe ọjọ́ tí owó jáde lọ́wọ́, nítorí náà mo gbé e lọ sí sáà tí ó kàn. Ní ti fóònù, ìdajì ìpè tí ẹ̀gbọ́n mi ń pè jẹ́ ti ilé, nítorí náà 500 ni mo kà. Ẹni tí ó ń kó ọjà fún wa sì ti fún wa ní ìwé ìdínkù owó nítorí àwọn páálí tí ó ti fọ́ tí a dá padà. Fáàtì inú rẹ̀ jẹ́ 1,500, mo sì yọ ọ́ kúrò, torí pé owó yẹn kì í ṣe ohun tí a san mọ́.

Ti fíríìjì ni ó yẹ kí n dúró lé lórí díẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń pín iye ẹ̀rọ sórí ọdún púpọ̀ nígbà tí a bá ń wá èrè lè rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti fáàtì. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún wa: gbogbo 12,000 ni mo kà ní sáà tí a rà á. Bákan náà ni ọjà tí ó ṣì wà lórí pẹpẹ. A kì í dúró dìgbà tí a bá tà á kí a tó ka fáàtì tí a san lórí rẹ̀. Àpapọ̀ fáàtì ọjà rírà wá di 49,000:

```
38,000 + 12,000 + 500 − 1,500 = 49,000
59,000 − 49,000 = 10,000
```

Kí n tó gbà á gbọ́, mo gba ọ̀nà mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò. Bí a bá yọ fáàtì kúrò, títà jẹ́ 590,000, ohun tí a san fáàtì lé lórí sì jẹ́ 490,000. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 100,000, ìdá mẹ́wàá rẹ̀ sì jẹ́ 10,000. Owó oṣù ọmọ iṣẹ́ kò sí nínú ìṣirò yìí, torí pé kò sí fáàtì lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí 100,000 náà kì í fi í ṣe èrè.

Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé nígbà wo wá ni wọ́n máa ń dá owó padà. Mo sọ fún un pé ká ní fíríìjì méjì ló rà ní iye kan náà, fáàtì ọjà rírà ì bá jẹ́ 61,000, àwa ni wọn ì bá sì jẹ ní 2,000. Irú ìyẹn ní ìdí tí a lè fi ìwé hàn: ẹ̀rọ ńlá tí a rà, tàbí ọjà púpọ̀ tí a kó sílẹ̀ de sáà tí títà máa ń pọ̀. Àmọ́ bí kò bá sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tí ṣọ́ọ̀bù sì ń ta ọjà ju iye tí ó rà á lọ bí ó ṣe máa ń ṣe, tí ìṣirò wá sọ pé kí a gbowó padà, inú àpò ìwé ni mo máa kọ́kọ́ padà sí. Kódà nígbà tí ó bá jẹ́ òótọ́, kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti ń fi owó lé èèyàn lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń ní kí a fi dín ti sáà tí ó ń bọ̀ kù ná. Fún ṣọ́ọ̀bù kékeré tí ó mọ̀ pé òun yóò san owó ní sáà tí ó kàn, èyí náà ni èmi ì bá yàn, nítorí pé ẹni tí ó bá béèrè owó padà gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ fún àyẹ̀wò.

A san 10,000 náà kí gbèdéke tó pé. Mo fi ìwé 3,500 sínú àpò tuntun, mo sì kọ orúkọ sáà tí ó kàn sí ẹ̀yìn rẹ̀.