Bí mo ṣe fọ kóìlì ìta éésì ọ́ọ̀sìpáwà 1.5 lẹ́yìn ọyẹ́

Éésì alápá méjì ni: apá kan lára ògiri yàrá, apá kejì lórí irin lẹ́yìn ilé. Ìbàdàn ni ilé náà wà, ọ̀nà tí wọn kò tíì da ọ̀dà sí ló gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, gbogbo eruku ọyẹ́ sì ti bà lé e lórí kí n tó fọwọ́ kàn án ní ìparí oṣù Kejì. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń tutù dáadáa lóru, ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ti kan àtàrí, atẹ́gùn tí kò gbóná tí kò tutù ló ń fẹ́. Àmì yẹn nìkan ti tó láti mú kí èèyàn kọ́kọ́ wo apá ìta, nítorí lóru ni atẹ́gùn ìta máa ń ṣàánú kóìlì tó dọ̀tí, ìyẹn páìpù bàbà tó gba àárín àwọn ewé alumíníọ̀mù tín-ín-rín kọjá.

Kí n tó tú nọ́ọ̀tì kankan, mo fọ àsẹ́ inú yàrá, kí ó má baà jẹ́ òun ló ń dí i. Lẹ́yìn náà mo wọn nǹkan. Ìta jẹ́ dígírì 34. Atẹ́gùn tó ń wọ inú éésì jẹ́ 29, èyí tó ń jáde jẹ́ 22, ìyàtọ̀ wọn 7 péré. Éésì yìí yẹ kó fi 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀. Mo fi mítà gbá wáyà iná rẹ̀ mọ́ra, ó ń fa áńpíà 6.8, bẹ́ẹ̀ 5.6 ni wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Mo na ọwọ́ síwájú fáànù ìta: atẹ́gùn rẹ̀ gbóná janjan, ṣùgbọ́n kò lágbára.

Áńpíà yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe gáàsì ló dín. Bí gáàsì bá dín, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kì í rí iṣẹ́ tó pọ̀ ṣe, iná tó ń fà á máa lọ sílẹ̀ ni, yìnyín sì sábà máa ń mú páìpù tín-ín-rín níbi tó ti kúrò lára apá ìta. Tiwa ń fa iná jù. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ni ì bá ti fi gáàsì kún un kí wọ́n tó wẹ̀yìn rẹ̀ wò, wọ́n á sì tún dá kún ìnira rẹ̀.

Ìdí tí eruku fi ń ṣe èyí rèé. Ooru méjì ni kóìlì ìta ń dà nù: èyí tí gáàsì kó wá láti inú yàrá, àti èyí tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fi kún un nígbà tó ń fún un pọ̀. Gáàsì náà gbọ́dọ̀ gbóná ju atẹ́gùn ìta lọ kí ooru tó lè kúrò lára rẹ̀. Bí kóìlì bá mọ́ tí ìta sì jẹ́ 34, ó lè máa di olómi ní nǹkan bíi dígírì 45 sí 50. Ṣùgbọ́n àlàfo àárín àwọn ewé alumíníọ̀mù yẹn kò ju mílímítà kan àbọ̀ tàbí méjì lọ. Tí eruku bá ti dí i, atẹ́gùn tí fáànù ń fà kọjá á kéré, gáàsì á sì ní láti gbóná sí i, bóyá tó 60, kó tó lè ju ooru kan náà dànù. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á wá máa ti gáàsì lòdì sí agbára tó le jù: iná tó ń jẹ á pọ̀, gáàsì tó ń gbé yí ká á sì dín. Omi gáàsì tó ń lọ sínú yàrá pẹ̀lú á ti gbóná jù, apá kan rẹ̀ á hó dànù kìkì láti mú ara rẹ̀ tutù. Èyí tó hó dànù yẹn kò ṣe yàrá ní oore kankan.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Mo fi rìmóòtì pa á, mo já bírékà rẹ̀ sílẹ̀, mo sì lẹ téèpù mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e sókè. Mo dúró ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo tú ìdérí òkè, lẹ́yìn náà ojú iwájú tó ní àwọ̀n, mo kó gbogbo nọ́ọ̀tì sínú abọ́ kan. N kò fọwọ́ kan kapásítọ̀, nítorí iná lè ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pa bírékà. Mo fi náílọ́ọ̀nù bo òun, àwọn wáyà àti mọ́tò fáànù, mo sì so ó.

Gbígbẹ ló kọ́kọ́ kàn, kì í ṣe omi. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Bí omi bá kan eruku tó nípọn, ẹrẹ̀ ló máa dà, á wọ àárín ewé lọ, á sì gan síbẹ̀ bí ògiri alámọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà rírọ̀, tó fẹ̀ ní ínǹṣì mẹ́ta, ni mo lò. Mo gbá ojú ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, bí àwọn ewé ṣe dúró. Ẹni tó bá gbá a ní ìbú yóò ká wọn bíi bébà. Eruku, òwú aṣọ àti ìtakùn aláǹtakùn ṣí kúrò papọ̀ bí ẹní.

Omi tẹ̀ lé e, láti inú lọ sí ìta. Ẹ̀yìn ni fáànù ti ń fa atẹ́gùn wọlé, nítorí náà ẹ̀yìn ni ìdọ̀tí pọ̀ sí. Bí a bá da omi láti ẹ̀yìn, inú la tún ń tì í sí. Rọ́bà omi lásán ni mo lò, mo fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò máa ń tẹ ewé pa. Mo po ṣíbí ọbẹ̀ méjì ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ mọ́ omi lítà márùn-ún, mo fín in sí i, mo fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sì ṣàn án. Kọ́sítíìkì àti bílíìṣì kò sí níbẹ̀ o. Wọ́n ń jẹ alumíníọ̀mù. Omi àkọ́kọ́ pọ́n bí ilẹ̀ ọ̀nà. Nígbà tí mo lo nǹkan bíi lítà 40 tán ló tó ń jáde ní mímọ́. Ewé igi ti dí ihò ìsàlẹ̀ tí omi ń gbà jáde, mo fi igi tín-ín-rín ṣí i.

Omi mímọ́ kò fi hàn pé ó tán. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì sí inú, mo lọ wò ó láti ẹ̀yìn. Ìmọ́lẹ̀ ń yọ níbi gbogbo àfi ní igun tí kóìlì ti tẹ̀, níbi tó fẹ̀ tó ìka méjì. Mo tún fín ọṣẹ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kóìlì yìí jẹ́ ìlà kan. Fún oníìlà méjì, ìdọ̀tí máa ń sá pamọ́ sí àárín wọn, tọ́ọ̀ṣì kì í sì í sọ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba ewé tó ti tẹ̀ ni mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ tó kú tò dáadáa, láìjẹ́ kó kan páìpù bàbà, nítorí ihò kékeré kan níbẹ̀, gbogbo gáàsì á lọ.

Mo fi í sílẹ̀ nínú oòrùn fún wákàtí kan, mo tú náílọ́ọ̀nù, mo dè é padà. Lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú ni mo tún wọ̀n ọ́n, nígbà tí ìta ṣì wà ní 34, torí bí ìta bá ti yí padà, ìwọ̀n méjèèjì kò ṣeé fi wéra. Ó ń wọlé ní 29, ó ń jáde ní 17.5. Áńpíà wá sílẹ̀ sí 5.5.

Ká ní áńpíà kò wálẹ̀ ni, ìyára fáànù ìta ni ǹ bá wò tẹ̀ lé e, nítorí kapásítọ̀ tó ti rẹ̀ máa ń jẹ́ kó yí lọ́ra, ìyẹn sì jọ kóìlì dídọ̀tí gan-an. Lẹ́yìn rẹ̀, bóyá ẹnì kan ti fi gáàsì kún un jù. Fún ilé tó wà lẹ́bàá ọ̀nà eléruku bí eléyìí, ní àárín oṣù Kìíní, kí ẹ pa bírékà kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìta: kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kò sì sí nọ́ọ̀tì kan tí ẹ máa tú.