Ohun tó yẹ kó ṣíwájú nínú lẹ́tà ẹnjiníà tó fẹ́ padà sílé

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tó wà lókè òkun, bí ẹ bá ń kọ lẹ́tà sí ẹni tó ń bá àwọn ilé iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ sí ìparí. Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé ẹni tó bá ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún ti bọ́ lọ́wọ́ NYSC, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí tí ẹ wà nígbà tí ẹ gboyè ni òfin ń wò, kì í ṣe iye ọdún tí ẹ jẹ́ lónìí. Ẹnjiníà tó gboyè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 24, tó sì ti pé 38 báyìí, ṣì jẹ gbèsè ìsìn ọdún kan. Ẹni tó gboyè nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 31 ló lè gba ìwé ìyọ̀ǹda kúrò nínú ìsìn náà.

Ohun kejì ni COREN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Oyè ẹnjiníà tí ẹ gbà lọ́hùn-ún kò sọ yín di ẹni tó forúkọ sílẹ̀ nílé, nítorí náà ẹ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé gan-an. Èmi ìbá kọ ọ́ báyìí: “Mo gboyè ní 2011, mo parí ìsìn ìlú ní 2013, mo ti kọ̀wé sí COREN, mo sì lè dé Èkó láàárín oṣù mẹ́ta.” Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó béèrè bóyá owó oṣù tí wọ́n dárúkọ jẹ́ ti kí wọ́n tó yọ owó orí tàbí lẹ́yìn rẹ̀.