Róbótó Dúdú Mẹ́rin: Bí Mo Ṣe Tún Ìwé Ìbéèrè Kílàásì Kìíní Tò

Ìwé ìbéèrè kílàásì kìíní tó yẹ ká tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì la san owó rẹ̀, nítorí àwòrán nìkan. Ìbéèrè kẹta ní kí ọmọ fa ìlà yí tòmátì ká láàárín àwòrán mẹ́rin: tòmátì, ọsàn, bọ́ọ̀lù àti bàlúùnù. Lójú kọ̀ǹpútà, ó pupa, ó ń dán, ó wu ojú. Nígbà tó fi máa ti inú ẹ̀rọ fótòkọ́pì jáde, róbótó dúdú mẹ́rin ló tò síbẹ̀. Ẹni tó bá wa tẹ̀ ẹ́ ní ó hàn dáadáa lójú ẹ̀rọ tòun. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ àwọn ọmọ kò ní jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ìdánwò.

N kò ní sọ̀rọ̀ lórí orúkọ ilé-ìwé, déètì àti ààyè tí ọmọ máa kọ orúkọ sí. Gbogbo tíṣà ló mọ ìyẹn. Àwòrán ló yẹ ká bá jà.

Ẹ̀rọ fótòkọ́pì onínkì dúdú kò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Bí àwọ̀ kan ṣe ṣókùnkùn tó nìkan ló ń wò. Pupa tòmátì àti àwọ̀ ewé tó ki sábà máa ń ṣókùnkùn bákan náà, nítorí náà àwọ̀ eérú kan náà ni ẹ̀rọ máa sọ àwọn méjèèjì dà. Ìyẹlò tó mọ́lẹ̀ ní tirẹ̀ lè pòórá pátápátá. Bí a bá wá fi ẹ̀dà ṣe ẹ̀dà mìíràn, èyí tó ti rí bí eérú á di dúdú, ìlà inú rẹ̀ á sì kú. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò àti àwòrán aláwọ̀ kì í fi í bá iṣẹ́ yìí mu, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Àwòrán onílà ni kí ẹ lò: ìlà dúdú lórí funfun, láìkun inú rẹ̀. Kí ìlà náà nípọn tó bí ìdajì mílímítà, torí èyí tó bá tín-ín-rín jù máa ń já sí wẹ́wẹ́ lẹ́yìn ẹ̀dà kejì. Ṣùgbọ́n yíyọ àwọ̀ kúrò nìkan kò tó, òbìrí mẹ́rin á ṣì jọ ara wọn. Ohun kan gbọ́dọ̀ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ọmọ máa fi dá a mọ̀. Mo fún tòmátì ní ewé orí rẹ̀ tó ya bí ìràwọ̀. Mo gé ọsàn sí méjì kí àwọn awẹ́ inú rẹ̀ hàn. Mo fa ojú abala-abala sára bọ́ọ̀lù, mo sì so okùn mọ́ ìdí bàlúùnù. Láti ìgbà náà, kò sí ẹ̀rọ tó tún lè sọ wọ́n di ohun kan náà, inú mi sì dùn sí i gan-an.

Ẹni tí kò lè yàwòrán lè fi àwòrán tó ti wà nílẹ̀ sínú Word, kó tẹ orí rẹ̀, kó lọ sí `Picture Format`, kó yan `Color`, lẹ́yìn náà `Black and White: 50%`. Bí inú rẹ̀ bá kún jù tàbí tí ìlà bá sọnù, ẹ dán 25% tàbí 75% wò. Bí èyíkéyìí nínú wọn kò bá mú un mọ́, ẹ jù ú nù, ẹ wá òmíràn. Ẹ ṣọ́ra fún àwòrán kékeré tí a fà gùn: èyí tó máa fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lórí ìwé nílò nǹkan bí píksẹ́lì 470 ní ìbú kó tó lè mọ́. Bí ẹ bá sì fi í ránṣẹ́ láti orí fóònù, ẹ fi ránṣẹ́ bí fáìlì, nítorí bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí àwòrán lásán, wọ́n sábà máa ń fún un pọ̀ lójú ọ̀nà.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba àsìkò. Ẹ tẹ ojú ìwé kan ṣoṣo, ẹ ṣe fótòkọ́pì rẹ̀, kí ẹ tún ṣe fótòkọ́pì ẹ̀dà yẹn. Ẹ na èyí tó kẹ́yìn síwájú ní ìwọ̀n apá kan. Bí ẹ bá ní láti ronú kí ẹ tó mọ ohun tó wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà kò ní mọ̀ ọ́n.

Àwòrán tó mọ́ kedere náà ṣì lè da ìbéèrè rú bó bá ní orúkọ méjì. Ẹ ya ife tí omi wà nínú rẹ̀, apá kan á kọ "ife", apá kan á kọ "omi", kò sì sí èyí tó jẹ̀bi. Ife òfìfo ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọfà tó ń tọ́ka sí etí: bí ṣóńṣó rẹ̀ kò bá kan etí gan-an, "orí" lọmọ máa kọ. Ẹ fi àwòrán náà han ọmọ mélòó kan ní kílàásì kejì láìsí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀, ẹ bi wọ́n pé kí nìyí. Bí orúkọ méjì bá jáde, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí ẹ tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́ sórí ìlà ìdáhùn. Èmi fi "a" síwájú ìlà adìẹ, ọmọ tó fẹ́ kọ "ẹyẹ" á rí i pé kò wọlé. Ti "àkùkọ" kò yanjú bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo fi òròmọdìẹ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ adìẹ náà.

Ìtọ́ni ò le bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ tẹ́lẹ̀ ni: "Fara balẹ̀ wo àwọn àwòrán ìsàlẹ̀ yìí kí o sì fa ìlà yí èyí tí ó bá jẹ́ tòmátì ká." Mo gé e sí "Fa ìlà yí tòmátì ká." Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kí ìtọ́ni kan gbé, kí ọ̀rọ̀ tí a fi pe iṣẹ́ náà má sì yí padà títí abala yẹn á fi parí. Ẹ fi àpẹẹrẹ kan tí a ti dáhùn síbẹ̀rẹ̀. Bí ìdáhùn àpẹẹrẹ bá wà ní apá òsì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìdáhùn ìbéèrè kìíní wà ní apá òsì, nítorí àwọn ọmọ kan máa ń wo ibi tí ìlà wà dípò ohun tí ìlà yí ká.

Ohun tó tún ń mú inú bí mi ni kí ìbéèrè wà ní ojú ìwé kìíní, kí àwòrán rẹ̀ bọ́ sí ìkejì. Inú tábìlì ni mo kó gbogbo rẹ̀ sí, ìbéèrè àti àwòrán rẹ̀ nínú ìlà tábìlì kan náà. Mo fi àwòrán sí `In Line with Text`, mo sì yọ àmì kúrò níwájú `Allow row to break across pages`. Fọ́ǹtì Andika ni mo lò ní ìwọ̀n 16: "a" rẹ̀ jọ èyí tí a ń kọ́ ọmọ láti fọwọ́ kọ, àmì ohùn sì ń dúró sórí "ẹ́" àti "ọ́" láìyẹ̀. PDF ni mo fi ránṣẹ́ fún títẹ̀, nítorí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì náà á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, gbogbo ètò á sì yẹ̀.

Nínú ìwé máàkì, mo kọ gbogbo orúkọ tí a máa gbà fún àwòrán kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Síbẹ̀, tíṣà kan ṣì fagi lé "tìmátì".