Fúlọ́ọ̀ṣì àti oògùn ẹ́ńjìnnì: àṣìṣe tó ń pa ẹ́ńjìnnì tó ti gbó

Ẹ má ṣe da fúlọ́ọ̀ṣì, ìyẹn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ inú ẹ́ńjìnnì, sínú ẹ́ńjìnnì tí ẹ kò tíì yẹ inú rẹ̀ wò. Ẹ ṣí ìdérí ojú ibi tí a ti ń rọ ọ́ìlì, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Bí irin ibẹ̀ bá kàn pọ́n díẹ̀, owó fúlọ́ọ̀ṣì yẹn, ẹ fi ra ọ́ìlì tó dára. Bí ìdọ̀tí dúdú tó ki bí ọ̀dà bá lẹ̀ mọ́ ọn, fúlọ́ọ̀ṣì gan-an ló lè pa á.

Inú sọ́mpù, abọ́ tí ọ́ìlì ń kó jọ sí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ni ewu náà wà. Asẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀ tí pọ́ǹpù ń fa ọ́ìlì gbà. Fúlọ́ọ̀ṣì kò lè yọ́ ìdọ̀tí ọdún mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú 10. Ńṣe ló ń ṣí i ní èépá èépá, asẹ́ yẹn ni àwọn èépá náà sì ń lọ dí. Fílítà kò lè gbà yín, torí lẹ́yìn pọ́ǹpù ló wà. Ọ́ìlì kò ní dé bẹ̀rìǹgì mọ́, iná ọ́ìlì á máa tàn nígbà tí ọkọ̀ bá dúró nínú gosiló, ẹ ó sì máa gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ nísàlẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tú sọ́mpù láti fọ asẹ́ náà. Kẹrosíìnì tí àwọn mekáníìkì kan ń lò tún burú sí i: ó ń mú ọ́ìlì ṣàn bí omi, kì í sì í jáde tán kí wọ́n tó rọ ọ́ìlì tuntun.

Àṣìṣe kejì ni ká rò pé oògùn tí wọ́n ń dà mọ́ ọ́ìlì lè dí ibi tí irin ti jẹ. Síǹkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí wọ́n ń polówó ti wà nínú ọ́ìlì gidi tẹ́lẹ̀. Awọ tín-ín-rín ni wọ́n ń ṣe sára irin kó má baà họ ara rẹ̀. Wọn kì í dá irin tó ti lọ padà. Oògùn tó ki bí oyin lè dín èéfín kù fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ ibi tó ti jẹ ṣì wà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Corolla ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 tó ní ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE, tó ń jẹ ọ́ìlì. Ẹ ní kí wọ́n wọn kọ́ńpúrẹ́ṣọ̀n, ìyẹn agbára tí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Bí sìlíńdà kan bá ka 110 PSI, ẹ da ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sí i, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá fò sókè dé 150, rìǹgì tàbí ògiri sìlíńdà ló ti jẹ, iṣẹ́ títú sì ni. Bí kò bá yí padà, ẹ yẹ fáàfù wò. Àmọ́ bí gbogbo sìlíńdà bá dára, ó ṣeé ṣe kí ihò tí rìǹgì ọ́ìlì ń gbà da ọ́ìlì padà ti dí, torí ihò náà kéré lára písítìnì àwọn tó kọ́kọ́ jáde. Ibí yìí nìkan ni ìfọ̀ ti lè wúlò, kó sì jẹ́ díẹ̀díẹ̀: ọ́ìlì tuntun, lítà 3.7, àti fílítà tuntun ní gbogbo 3,000 kìlómítà, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ máa kọ iye ọ́ìlì tí ẹ fi kún un sílẹ̀. Bí iye náà kò bá dín kù lẹ́yìn ẹ̀kẹta, písítìnì àti rìǹgì ni kí ẹ pààrọ̀.