Ohun tó yẹ kí ẹ kọ sí oníṣẹ́ firísà

Ẹ̀yin ará wa, bí firísà yín bá ń di yìnyín gbagidi tí kò sì mú nǹkan tutù mọ́, ẹ má kàn kọ "firísà mi ò ṣiṣẹ́" ránṣẹ́ sí oníṣẹ́. Gáàsì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa kọ́kọ́ dárúkọ, owó gáàsì kì í sì í ṣe kékeré.

Ẹ sọ ibi tí yìnyín wà. Bó bá pọ̀ sí etí ilẹ̀kùn, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ni ká fura sí. Lẹ́yìn náà, ẹ pa firísà náà, ẹ ṣí i sílẹ̀ títí yìnyín yóò fi yọ́ tán, kí ẹ tó tàn án padà. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á o! Ihò kékeré kan péré, gáàsì ti lọ nìyẹn.

Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Firísà tó ń dúró ni, irú tó ń yọ́ yìnyín fúnra rẹ̀. Yìnyín bo ògiri ẹ̀yìn nínú, kò sí yìnyín létí ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ ń kùn, ó sì gbóná, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ìró fáànù. Nígbà tí mo yọ́ ọ, ó tutù dáadáa fún bí ọjọ́ márùn-ún, ló bá tún dáwọ́ dúró. Fọ́tò nọ́ńbà ara rẹ̀ nìyí."

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ márùn-ún yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Irú firísà yìí tó bá tutù dáadáa lẹ́yìn yíyọ́, kì í sábà jẹ́ gáàsì ló ń dà á láàmú. Ohun tó ń gbóná láti yọ́ yìnyín nínú rẹ̀ ló yẹ kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí kò bá tutù rárá lẹ́yìn tí yìnyín yọ́, ẹ lè gbọ́ ọ̀rọ̀ gáàsì lẹ́nu oníṣẹ́.